Tí ẹ bá fẹ́ fowó kún ọjà, ẹ fi iye rẹ̀ sí síláìdì àkọ́kọ́

1/
Ẹ̀yin èèyàn mi tó ń tajà lórí Instagram àti WhatsApp, pàápàá ẹ̀yin ará Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ọ̀rọ̀ síláìdì àfikún owó ni mo bá wá lónìí. Ẹ mọ èyí tí mò ń sọ: àwòrán mẹ́fà tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, tí oníbàárà máa fi ìka fà lọ́kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́: "Sí àwọn oníbàárà wa ọ̀wọ́n." Ìkejì: "Ẹ ti jẹ́ ọ̀rẹ́ wa láti ìbẹ̀rẹ̀." Ìkẹta: "Gbogbo wa la mọ bí ìlú ṣe rí." Ìkẹrin: "Pẹ̀lú ẹ̀dùn ọkàn..." Ìkarùn-ún: "...a máa ṣe àtúnṣe díẹ̀ sí iye ọjà wa." Ìkẹfà: àwòrán ọkàn pupa, "A dúpẹ́ fún òye yín."

Èló wá ni? Kò sí níbẹ̀. Ẹ lọ béèrè nínú ínbọ́ọ̀sì.

2/
Èrò tèmi rèé, mi ò sì ní fi bọpo bọyọ̀: síláìdì mẹ́fà yẹn kò bọ̀wọ̀ fún oníbàárà. Ọ̀rọ̀ dídùn ló kún inú rẹ̀, àmọ́ ohun kan ṣoṣo tí oníbàárà nílò láti fi ṣètò owó ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi pa mọ́. Ẹni tó wà nínú bọ́ọ̀sì láti Gáréèjì Ìkòròdú tó ń fi dátà rẹ̀ ṣí àwòrán mẹ́fà, ẹ ti ná owó rẹ̀, ẹ ti ná àkókò rẹ̀, ẹ ò sì tíì sọ nǹkan kan fún un.

Àwọn àgbà ní a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Iye tuntun ni ètè. Ọkàn pupa ni làpálàpá.

3/
Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣí ohunkóhun tí ẹ fi ń ṣe àwòrán, ìwé àti bírò lẹ máa kọ́kọ́ mú. Síláìdì tó sòótọ́ kò lè jáde látinú ìṣirò tí ẹ ò ṣe. Ọ̀pọ̀ tó ń kọ "nítorí bí ìlú ṣe rí" ń kọ ọ́ torí pé àwọn fúnra wọn ò mọ ohun tó wọ́n gan-an àti iye tó fi wọ́n. Wọ́n kàn gbọ́ pé ẹlẹgbẹ́ wọn ti fi ẹgbẹ̀rún méjì kún un, àwọn náà fi kún un.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣiṣẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Iye owó inú rẹ̀, èmi ni mo fi í sí i kí ìṣirò lè yé wa. Ẹ fi ti ọjà yín rọ́pò rẹ̀.

4/
Ká ní arábìnrin kan wà ní Ẹ̀pẹ́ tó ń yan ẹja àrọ̀, tó ń dì í sínú ọ̀rá ní kílò kan kan, tó sì ń fi ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà ní Ìkòròdú. Ẹja yíyan máa ń fúyẹ́ torí omi ara rẹ̀ ti gbẹ, nítorí náà ká sọ pé kílò 3 ẹja tútù ló ń fún un ní kílò kan yíyan. ₦12,500 ló ń tà á.

Nínú owó yẹn, ẹja tútù kó ₦7,500, èédú kó ₦800, ọ̀rá àti sítíkà kó ₦400, ọmọ tó ń bá a fọ ẹja tó sì ń yí i lórí iná gba ₦1,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦9,700. Èrè rẹ̀ lórí kílò kan jẹ́ ₦2,800.

5/
Wàyí o, ẹja tútù di ₦9,000 fún kílò 3. Èédú di ₦1,100. Ọ̀rá àti sítíkà di ₦500. Owó ọmọ iṣẹ́ ò yí padà. Àpapọ̀ ti di ₦11,600. Ìyàtọ̀ láàárín ti tẹ́lẹ̀ àti tìsinsìnyí jẹ́ ₦1,900.

Tó bá ń tà á ní ₦12,500 lọ, èrè rẹ̀ ti bọ́ láti ₦2,800 sí ₦900. Kò ní pẹ́ tí owó ojú á fi tán. Kò sí ẹni tó lè dá a lẹ́bi pé ó fowó kún ọjà. Tó bá fi ₦1,900 kún un, ọjà á di ₦14,400, èrè rẹ̀ á sì wà ní ₦2,800 tó ti ń jẹ tẹ́lẹ̀. Òun gan-an ni àfikún tí ohun tó wọ́n yẹn fà. Kò lé, kò dín.

6/
Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í, àwọn kan sì ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ẹja tútù fi 20 pásẹ́ǹtì wọ́n, ṣé ẹ rí i? Láti ₦7,500 sí ₦9,000. Ni ẹni kan á bá kọ sí síláìdì pé "ẹja ti fi 20 pásẹ́ǹtì gbówó lórí, torí náà àwa náà fi 20 pásẹ́ǹtì kún un." Ó dà bí òótọ́, àbí? Ẹ ṣírò ó. 20 pásẹ́ǹtì ₦12,500 jẹ́ ₦2,500. Ọjà ti di ₦15,000.

Ohun tó wọ́n jẹ́ ₦1,900, ohun tí wọ́n fi kún un jẹ́ ₦2,500. ₦600 lórí kílò kọ̀ọ̀kan ti wọ àpò lábẹ́ orúkọ ẹja. Ìdí ni pé ẹja tútù kì í ṣe gbogbo owó ọjà náà. Apá kan ni. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́: bí ìdí bá ṣe tó ni kí àfikún tó.

7/
Mi ò sọ pé ẹ ò gbọdọ̀ fi èrè kún èrè o. Ọmọ iṣẹ́ yín lè nílò àlékún owó. Ẹ̀yin náà ń san owó ilé. Ìyẹn náà, ìdí tó bófin mu ni. Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí: "₦1,900 jẹ́ ti ẹja, èédú àti ọ̀rá, ₦600 jẹ́ àlékún owó iṣẹ́ fún ẹni tó ń bá wa yan án." Ọ̀pọ̀ oníbàárà máa gbà. Ohun tó ń dun èèyàn ni kó mọ̀ lẹ́yìn pé ẹja ni wọ́n dárúkọ, ohun mìíràn ni wọ́n fi owó rẹ̀ ṣe.

8/
Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2025. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kìíní, àjọ NCC kéde pé àwọn ilé iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ lè fowó kún ìpè àti dátà, kó má ju 50 pásẹ́ǹtì lọ. Inú ò dùn, ṣùgbọ́n nọ́ńbà 50 yẹn ti wọ orí gbogbo èèyàn. Nígbà tó di oṣù Kejì, àwọn tó ń ra dátà 15GB olọ́sẹ̀ kan lọ́wọ́ MTN ní ₦2,000 ṣí fóònù wọn, wọ́n bá ₦6,000 níbẹ̀. Ìlọ́po mẹ́ta nìyẹn, àfikún 200 pásẹ́ǹtì. Ariwo sọ lórí ayélujára, MTN fúnra rẹ̀ sì jáde wá tọrọ àforíjì lójú òpó rẹ̀.

Ohun tí mo rí fà yọ níbẹ̀ ni pé àfikún nìkan kọ́ ló bí ariwo yẹn. Àwọn èèyàn ti múra sílẹ̀ de 50, wọ́n wá pàdé 200. Nọ́ńbà tí ẹ kéde àti nọ́ńbà tí oníbàárà bá níbi ìsanwó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ kọ náírà, kí ẹ má kọ pásẹ́ǹtì. Kò sẹ́ni tó ń fi pásẹ́ǹtì sanwó ẹja.

9/
Ó yá, síláìdì wá kàn. Instagram gbà kí ẹ tó tó 20 àwòrán jọ báyìí, ṣùgbọ́n mẹ́rin tó. Síláìdì àkọ́kọ́ ti arábìnrin Ẹ̀pẹ́ yìí, bí mo bá ni, á kà báyìí:

"Ẹja àrọ̀ yíyan, kílò kan.
Títí di Sọ́ńdè, ọjọ́ 15 oṣù Kẹta 2026: ₦12,500.
Láti Mọ́ńdè, ọjọ́ 16 oṣù Kẹta 2026: ₦14,400."

Ó tán. Orúkọ ọjà, ìwọ̀n rẹ̀, iye àtijọ́, iye tuntun, ọjọ́. Kí iye àtijọ́ àti iye tuntun jọ tóbi bákan náà. Àwọn kan máa ń kọ iye tuntun ní lẹ́tà wínníwínní, wọ́n á wá fi àwọ̀ eérú kọ ọ́ sórí funfun. Ẹni tó bá ní láti fi ojú wá owó tuntun ti mọ̀ pé ẹ fẹ́ kó fò ó.

10/
Síláìdì kejì ni ìdí. Ẹ jẹ́ kó kúrú, kó sì jẹ́ ohun tí ẹnì kan lè fojú ara rẹ̀ rí tó bá dé ọjà:

"Ohun tó fa ₦1,900 tó lé sí i lórí kílò kan: ẹja tútù ₦1,500, èédú ₦300, ọ̀rá àti sítíkà ₦100. Èrè wa kò yí padà. (₦12,500 títí di ọjọ́ 15 oṣù Kẹta 2026, ₦14,400 láti ọjọ́ 16.)"

Ẹ kíyè sí i pé kò sí "bí ìlú ṣe rí" níbẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, láàárín ọjọ́ mélòó kan epo tó ń lọ ní nǹkan bí ₦185 di ₦488 ní ilé epo NNPC nílẹ̀ Èkó. Lọ́sẹ̀ yẹn, tí ẹ bá kọ "nítorí epo", gbogbo ayé mọ ohun tí ẹ ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣì ń kọ "nítorí sọ́búsídì" ní gbogbo oṣù mẹ́ta mẹ́ta láti ìgbà náà, ìdí rẹ̀ ti gbó. Ìdí ní ọjọ́ orí. Ẹ wá ti oṣù yìí.

11/
Ẹnì kan á ní, "Tí mo bá kọ ìyẹn síta, àwọn tó ń bá mi díje á ka owó ojú mi." Rárá o. Ẹ tún un kà. Kò sí ibi tí arábìnrin yìí ti sọ iye tó ń ra ẹja tútù tàbí iye èrè tó ń jẹ. Ìyàtọ̀ nìkan ló sọ. Ẹni tó ń tà á lọ́jà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ mọ ìyàtọ̀ yẹn kí ẹ tó kọ ọ́ rárá. Oníbàárà Ìkòròdú tí kò dé ọjà ni kò mọ̀ ọ́n.

12/
Síláìdì kẹta ni ti àwọn tó ti wà nínú ìwé yín. Òun ni àwọn olùtajà máa ń gbàgbé jù, òun ló sì ń dá ìjà sílẹ̀ jù.

"Ẹni tó bá ti san owó kí ọjọ́ 16 oṣù Kẹta 2026 tó pé, ₦12,500 ni tiyín, bí ẹja tilẹ̀ dé ọwọ́ yín lẹ́yìn ọjọ́ náà. Ẹni tó bá san àsansílẹ̀ ìdajì, iye àtijọ́ náà ni ẹ máa fi san ìyókù. Owó dísípáàṣì kò sí nínú iye yìí, kò sì yí padà."

Ẹni tó ti fi owó sílẹ̀ lọ́wọ́ yín ti bá yín parí ọ̀rọ̀. Ẹ ò lè wá padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ pé ẹja wọ́n. Ṣé tó bá jẹ́ pé ẹja walẹ̀ ni, ẹ máa dá ₦1,900 padà fún un? Ó dáa bẹ́ẹ̀.

13/
Kí ló dé tí mo ní kí ẹ dárúkọ dísípáàṣì? Torí láti Ẹ̀pẹ́ wá sí Ìkòròdú, ọ̀nà Ìtòìkín ni, ó jìn, owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Oníbàárà ń wo àpapọ̀ owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kò wo ti ẹja lọ́tọ̀. Tí dísípáàṣì náà bá fowó kún tirẹ̀ lọ́sẹ̀ kan náà, tí ẹ ò sì ya méjèèjì sọ́tọ̀, ohun tó máa rò ni pé ẹ sọ pé ₦1,900, ẹ wá gba ₦2,900. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀. Tó bá yí padà, ẹ kọ ọ́. Tí kò bá yí padà, ẹ ṣì kọ ọ́.

14/
Síláìdì kẹrin ni ọ̀nà àbáyọ fún ẹni tí agbára rẹ̀ ò gbé ₦14,400:

"Láti ọjọ́ 16 oṣù Kẹta 2026, ẹ lè ra ààbọ̀ kílò ní ₦7,300. Ẹ lè wá gbé e fúnra yín ní Ẹ̀pẹ́, kò sí owó dísípáàṣì. Kílò kan: ₦14,400."

Ẹ wò ó dáadáa: ààbọ̀ kílò lọ́nà méjì jẹ́ ₦14,600, kì í ṣe ₦14,400. Ẹ má jẹ́ kí oníbàárà ṣàwárí ìyẹn fúnra rẹ̀. Ìdí wà níbẹ̀: tí ẹ bá yọ ₦500 ti ọ̀rá àti sítíkà kúrò nínú ₦14,400, tí ẹ pín ìyókù sí méjì, ₦6,950 ni. Ọ̀rá kékeré àti sítíkà rẹ̀ jẹ́ ₦350, kì í ṣe ₦250. Ìlà kan tó láti sọ ọ́ lábẹ́ àwòrán: "Ọ̀rá méjì wọ́n ju ọ̀kan lọ ni ₦200 yẹn ṣe wà."

15/
Ẹ ti rí i pé mo ń tún iye àti ọjọ́ kọ sórí gbogbo síláìdì. Mi ò ṣèèṣì. Instagram máa ń gbé síláìdì kejì wá fún ẹni tó bá ti kọjá èyí àkọ́kọ́ láì fà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni WhatsApp: tí ẹ bá gbé àwòrán mẹ́rin sí Status, ẹyọ ẹyọ ni wọ́n ń jáde, wákàtí 24 lẹ́yìn náà wọ́n á ti lọ. Ẹnì kan á ya fọ́tò síláìdì kẹta nìkan, á fi sọwọ́ sí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìjẹ̀dẹ̀. Àwòrán kan ṣoṣo yẹn ló máa dé ibẹ̀, láìsí àwọn yòókù.

Torí náà ẹ bi ara yín lórí síláìdì kọ̀ọ̀kan: tó bá jẹ́ èyí nìkan ni èèyàn rí, ṣé ó máa mọ ẹni tó ń tajà, èló ni, àti láti ọjọ́ wo? Ẹ fi ọdún sí i pẹ̀lú. Fọ́tò tí èèyàn yà lónìí lè máa rìn kiri títí di ọdún tó ń bọ̀.

16/
Ẹ tún kọ iye tuntun sínú ìlà àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán, torí ìyókù rẹ̀ máa ń sá pamọ́ títí èèyàn á fi tẹ̀ ẹ́. Kí ẹ sì yẹ nọ́ńbà wò lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó gbé e síta. Lẹ́yìn tó bá ti jáde, ẹ lè yọ síláìdì kan kúrò, ẹ lè tún ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ kọ, ṣùgbọ́n ẹ ò lè pààrọ̀ àwòrán kan sí òmíràn. Tí òǹkà kan bá ṣẹ́ nínú síláìdì àkọ́kọ́, kò sí ohun tí ẹ máa ṣe ju kí ẹ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, kí ẹ tún un gbé. Àwọn tó ti rí èyí tó ṣẹ́ á wá máa bi yín pé èwo ni ká gbàgbọ́.

17/
Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ńkọ́? Ọjọ́ mélòó ló yẹ kí ẹ fún wọn? Èmi ò gbà pé iye kan ló bá gbogbo ọjà mu. Ẹ wo bí oníbàárà yín ṣe ń rà á. Ẹja tí wọ́n ń rà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ọjọ́ 7 tó, torí ó máa bá ìgbà kan tí wọ́n tún fẹ́ rà á pàdé. Àmọ́ ẹni tó ń se oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ń san lóṣooṣù, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí owó oṣù kan wọlé láàárín ìkéde àti ìgbà tí iye tuntun máa bẹ̀rẹ̀. Ìkéde ọjọ́ 28 fún ọjọ́ 1, ìpayà nìyẹn, kì í ṣe ìkéde.

Ewu tó wà nínú fífún wọn láyè ni pé ẹnì kan lè wá kó ogún kílò ní iye àtijọ́ láti lọ tún un tà. Ẹ dènà rẹ̀ ní gbangba: "Kílò 3 ni ẹnì kan lè rà ní iye àtijọ́." Ẹ kọ ọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í rà, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹnì kan ti fowó ránṣẹ́.

18/
Lẹ́yìn tí ọjọ́ bá pé, iṣẹ́ ṣì kù o. Iye àtijọ́ ṣì wà níbi púpọ̀: Highlights yín, àwọn àwòrán tí ẹ lẹ̀ mọ́ òkè ojú òpó yín, Catalog orí WhatsApp, ìdáhùn aládàáṣe tí ẹ ti gbàgbé pé ẹ kọ. Òfin ti ní nǹkan í sọ síbẹ̀. Nínú òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018, èyí tí àjọ FCCPC ń mú ṣẹ, abala 115 sọ pé oníbàárà kò gbọdọ̀ san ju iye tí ẹ fi hàn lọ. Tó bá sì jẹ́ iye méjì ló wà níta nígbà kan náà, èyí tó kéré ni tirẹ̀.

Nítorí náà tí oníbàárà bá fi Highlights yín hàn yín pé ₦12,500 ló wà níbẹ̀, ẹ má bá a jà. Ẹ tà á fún un ní ₦12,500, kí ẹ lọ yọ ọ́ kúrò lọ́jọ́ náà. Abala yẹn kan náà ló ní kí èèyàn má patẹ ọjà láì fi iye rẹ̀ hàn. Ẹ̀yin "ẹ béèrè iye nínú ínbọ́ọ̀sì", ẹ gbọ́ o.

19/
Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ti máa sọ ọ́ lọ́kàn pé: "Ìyá mi tajà fún ọgbọ̀n ọdún, kò kéde àfikún owó rí." Òótọ́ ni. Àmọ́ ìyá yín ń na ọjà pẹ̀lú oníbàárà lójúkojú. Tó bá pe ẹja ní iye tuntun, oníbàárà á ní "Há! Ìyá ẹlẹ́ja, kí ló dé?" Màmá á ṣàlàyé, á ní "Wò ó, ẹja ò wọlé lọ́sẹ̀ yìí." Wọ́n á na án, á fi ẹ̀ẹ́nì sí i, wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín. Ìkéde, ìdí àti ọ̀nà àbáyọ, gbogbo rẹ̀ wà nínú ìná-ọjà yẹn. Síláìdì kì í dáhùn padà. Ohun tí màmá ń fẹnu sọ lẹ́yìn ìbéèrè, ẹ̀yin gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú ìbéèrè.

20/
Ọjà náà sì ní ojú ibi tirẹ̀ tí a ò gbọdọ̀ gbé wá sórí ayélujára. Gbogbo wa la mọ kóńgò tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú. Iye gààrí ò yí padà, kóńgò ló yí padà. Àwọn olùtajà orí ayélujára náà ń ṣe é: ọ̀rá kan náà, sítíkà kan náà, ₦12,500 kan náà, àmọ́ gíráàmù 850 ló wà nínú rẹ̀ báyìí. Wọ́n á ní àwọn ò fowó kún un. Wọ́n fi kún un o. ₦12,500 fún gíráàmù 850 jẹ́ nǹkan bí ₦14,700 fún kílò kan. Ó tiẹ̀ ju ₦14,400 tí arábìnrin wa kéde ní gbangba lọ.

Tí ẹ bá fẹ́ dín ìwọ̀n kù dípò kí ẹ fowó kún un, ó dáa, ọ̀pọ̀ oníbàárà á tilẹ̀ fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n síláìdì àkọ́kọ́ náà ló máa gbé e: "Tẹ́lẹ̀: gíráàmù 1,000. Láti Mọ́ńdè: gíráàmù 850. Iye: ₦12,500."

21/
Ti èdè ló kù. Ọ̀wọ̀ ò túmọ̀ sí ẹ̀bẹ̀. Ẹ ò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè torí pé ẹja wọ́n, nítorí náà "ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun, ẹ foríjì wá" lórí gbogbo síláìdì máa ń jẹ́ kó dà bí ẹni pé ẹ ṣe nǹkan burúkú. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má kọ "a mọ̀ pé ó máa yé yín." Ta ló sọ fún yín? Ó lè má yé e. Owó rẹ̀ ni. Ẹ má sì kọ "ọjà dáadáa kì í pọ́," torí ìyẹn ń bú ẹni tí ò lówó.

Ẹ lo "ẹ" fún oníbàárà, ẹ má lo "o", bí ẹ tilẹ̀ jọ jẹ́ ọjọ́ orí kan náà. Ẹni tó lè jẹ́ ìyá yín náà ń kà á. Gbólóhùn kan ti tó: "Ẹ ṣé tí ẹ̀ ń ra ọjà lọ́wọ́ wa. Tí ẹ bá ní ìbéèrè, ẹ bi wá níbí, gbogbo èèyàn á rí ìdáhùn."

22/
Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́? Ẹ má ka iye ọkàn pupa. Ẹ ka ìbéèrè. Tí wọ́n bá ń béèrè pé "èló ló wá di báyìí?", síláìdì àkọ́kọ́ ló kùnà. "Kí ló dé?" túmọ̀ sí pé ìkejì ò yé wọn. "Àwa tá a ti sanwó ńkọ́?" Ìkẹta nìyẹn. Tí ẹ bá gbọ́ "ó ti pọ̀ jù fún mi o", ìyẹn kì í ṣe àṣìṣe síláìdì. Òótọ́ lẹni yẹn sọ fún yín, bí ẹ̀yin náà ṣe sòótọ́ fún un. Ẹ fi síláìdì kẹrin hàn án. Tí ìyẹn náà ò bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kó lọ ní àlàáfíà. Síláìdì tó dáa ò lè sọ ọjà tó wọ́n di ọjà tó pọ́.

23/
Ìbéèrè kan tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dáhùn nísàlẹ̀: tí ẹja bá padà walẹ̀ sí ₦7,500, ṣé ẹ máa gbé síláìdì míì jáde pé ẹ ti dín in kù? Tèmi ni pé ẹni tó fi orúkọ ẹja fi ₦1,500 kún ọjà gbọ́dọ̀ fi orúkọ ẹja kan náà yọ ₦1,500 kúrò. Àwọn kan á ní mi ò mọ ọjà tà. Ẹ sọ tiyín. Ẹ̀yin tí ẹ sì ní síláìdì tí ẹ fẹ́ gbé jáde lọ́sẹ̀ yìí, ẹ lẹ èyí àkọ́kọ́ mọ́ ìsàlẹ̀ níbí, ká jọ wò ó bóyá iye rẹ̀ wà níbẹ̀.